"Ẹ ní a jèrè, owó wá dà?": bó o ṣe máa gbé ìṣirò oṣù mẹ́ta síwájú bọ́ọ̀dù tí kì í ṣe akáǹtàǹtì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akáǹtàǹtì ni mí nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fíìdì adìyẹ nítòsí Ìbàdàn. Èèyàn méje ló wà ní bọ́ọ̀dù wa: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pásítọ̀, dókítà, lọ́yà, màmá kan tó jẹ́ ìyálọ́jà, àtàwọn ọmọ méjì tí bàbá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí. Kò sẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó nínú wọn. Kọ́tà tó kọjá mo ṣe sílàìdì 34, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí mo fi parí, àfi ìgbà tí màmá yẹn ní "Ẹ ní a jèrè, owó wá dà?" Mi ò rí ìdáhùn tó yé wọn fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí ìpàdé mìíràn. Báwo ni kí n ṣe é?

Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé màmá yẹn ló béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, torí ẹni tó bá ti tajà láwìn rí mọ̀ pé èrè lè wà nínú ìwé kó má sí nínú àpò. Àwọn mẹ́fà tó kù náà fẹ́ mọ ohun kan náà, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa béèrè ẹ̀ ni, ó sì ti rẹ̀ wọ́n kó o tó dé sílàìdì 34. Ohun tí mo máa ní kó o ṣe ni pé kó o kó gbogbo ìpàdé tó ń bọ̀ yẹn lé ìbéèrè màmá yẹn lórí, kó o bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, kó o má dúró di ìgbà tí wọ́n bá bi ẹ́.

Mo mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ìpàdé lè fà. Nígbà tí mo ṣì ń gbé ìwé ìṣirò síwájú bọ́ọ̀dù, ilé iṣẹ́ kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ mi sọ pé a jèrè, inú gbogbo wọn dùn, alága ní ká pín nǹkan fáwọn tó ní ìpín, wọ́n fọwọ́ sí i níjokòó yẹn. Owó tó kù ní báǹkì wà ní ojú ìwé 19, mo kà á sétí wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Oṣù kejì, owó oṣù òṣìṣẹ́ ò pé, a sá lọ bá báǹkì fún óbàdíráàfù. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀, nọ́ńbà kankan ò sì ṣì. Ohun tí wọ́n nílò láti fi ṣèpinnu ló wà níbi tójú wọn ò tó, èmi ni mo sì fi í síbẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti jẹ́ kí èrè dá wà lójú ìwé àkọ́kọ́ mọ́ láìsí owó báǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Má sì rò pé àánú lò ń ṣe wọ́n tó o bá jẹ́ kó yé wọn o. Ìlànà ìṣàkóso ilé iṣẹ́ ti ọdún 2018 ní kí bọ́ọ̀dù máa pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tọ́dún bá sì parí, àwọn dáírẹ́kítọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé ìṣirò lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, tíṣà ni o, pásítọ̀ ni o. Tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò mọ nǹkan tó wà ńbẹ̀. Torí náà wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tó yé wọn.

Jẹ́ kí n fi ilé iṣẹ́ kan ṣàpẹẹrẹ fún ẹ. Fíìdì làwọn náà ń ṣe, irú àwọn èèyàn tó wà ní bọ́ọ̀dù yín ló sì wà ní tiwọn, mo bá wọn ṣe kọ́tà kẹta ọdún 2024, ìyẹn Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà. Mo ti sọ àwọn nọ́ńbà yẹn di èyí tó rọrùn láti kà, mo sì ti yí wọn díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá àgbà wọn fẹ́ kí n kọ ni pé ọjà tá a tà fi ìdajì lé sí i: ₦320 mílíọ̀nù lọ́dún 2023 ní àwọn oṣù yẹn, ₦480 mílíọ̀nù lọ́dún 2024. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ ìyẹn fún pásítọ̀ àti dókítà, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé iṣẹ́ ń gbòòrò, wọ́n á rò pé máṣíìnì ò sinmi, pé ó tó àkókò láti ra òmíràn. Mo wá ní ká ka àpò. Lọ́dún 2023, a ta àpò 32,000, ₦10,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2024, a ta àpò 30,000, ₦16,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò 2,000 ti dín o! Owó ọjà ló gòkè, iṣẹ́ gan-an ti kéré sí i. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní Júùnù 2023, kò sóhun tí ò wọ́n, tó o bá wá ń fi náírà nìkan díwọ̀n ìdàgbàsókè láti 2023 sí 2024, gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa dà bí ẹni pé ó ń dàgbà. MTN Nàìjíríà gan-an, owó tó wọlé fún wọn ní 2023 fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ju ti 2022 lọ, síbẹ̀ àdánù tó tó ₦137 bílíọ̀nù ni wọ́n kéde, bí dọ́là ṣe gbówó lórí ló sì fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Torí náà, ohun tí ojú lè rí ni kó o kọ́kọ́ kà fún wọn, kó o tó ka owó. Àpò ni fún fíìdì, aláìsàn ni tó bá jẹ́ ọsibítù, akẹ́kọ̀ọ́ ni tó bá jẹ́ iléèwé. Oṣù kan náà ti ọdún tó kọjá ni kó o sì fi wé, má fi í wé kọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, torí ọ̀rọ̀ adìyẹ ní àsìkò: láti Òkítóbà làwọn tó ń sin adìyẹ Kérésì ti máa ń ra fíìdì gan-an, tó o bá wá fi Jánúárì wé Dìsẹ́ńbà, wàá kàn máa kó wọn láyà sókè lásán.

Lẹ́yìn àpò, mo ní ká gbé àpò kan ṣoṣo sórí tábìlì, ká tú u. Lóòótọ́ ni mo gbé e o, mo ní kí wọ́n gbé àpò fíìdì kan wọ inú yàrá ìpàdé. Mo ní: ẹ wò ó, ₦16,000 la ta èyí. ₦12,000 nínú ẹ̀ jẹ́ ti àgbàdo, sóyà àtàwọn nǹkan tá a pò pọ̀. ₦2,000 jẹ́ ti owó oṣù, dísẹ́lì, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbó. ₦800 jẹ́ ti èlé báǹkì. Ó ku ₦1,200, ìyẹn lèrè wa, ká tó san owó-orí. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30,000, ó jẹ́ ₦36 mílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tí ò yé nínú wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé tí èlé fi tó ₦800, ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, torí lọ́dún tó ṣáájú nǹkan bíi ₦550 ni. Báǹkì àgbà ìjọba, ìyẹn CBN, ti gbé èlé tiẹ̀ láti ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní Júláì 2023 dé 27.25 ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2024, báǹkì tó yá wọn lówó sì ti gbé tiẹ̀ tẹ̀ lé e. Tíṣà yẹn ò mọ orúkọ tí à ń pe ìyẹn ní ilé ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé gbèsè ti ń jẹ lára àpò kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo sì fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo rọra sọ fún wọn, ìwọ náà ò gbọ́dọ̀ fò ó. Lọ́dún 2023 èrè orí àpò kan jẹ́ ₦900, ní 2024 ó di ₦1,200, ó dà bíi pé ó lé. Ṣùgbọ́n àgbàdo àti sóyà inú àpò yẹn tó jẹ́ ₦7,200 nígbà yẹn ló ti di ₦12,000. Ká ní àwọn fẹ́ kí èrè yẹn lè ra ìwọ̀n àgbàdo tí ₦900 ń rà tẹ́lẹ̀, ó yẹ kó ti tó ₦1,500. Ìyálọ́jà tó wà ní bọ́ọ̀dù tiwọn náà ti mi orí kí n tó parí ẹ̀, ó ní bó ṣe rí nínú ọjà náà nìyẹn, èèyàn á ta gbogbo ẹrù, owó tó pa ò ní kó ìwọ̀n ẹrù yẹn padà mọ́. Tẹ́nì kan nínú wọn bá fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé fáwọn tó kù báyìí, dákẹ́, jẹ́ kó parí ẹ̀, tiẹ̀ máa yé wọn ju tìẹ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ màmá tìẹ wà la ti wá dé báyìí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo lò fún un, mo sì fẹ́ kó o ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ látorí owó tó wà ní báǹkì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó parí sí owó tó wà ní báǹkì lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, kí gbogbo ohun tó mú un gòkè tàbí tó mú un wálẹ̀ wà láàárín, lédè tí wọ́n ń sọ nílé:

Owó tó wà ní báǹkì nígbà tí Júláì bẹ̀rẹ̀: ₦52 mílíọ̀nù
Èrè tá a jẹ: + 36
Ẹ̀rọ tó gbó (a kà á sí ìnáwó, ṣùgbọ́n owó ò jáde): + 6
Owó tó há sọ́wọ́ àwọn tó rajà láwìn: − 45
Àgbàdo àti sóyà tá a kó pamọ́ sí sítọ́ọ̀: − 60
Ọjà táwọn èèyàn gbé fún wa tá ò tíì sanwó ẹ̀: + 40
Lóònù tá a san padà: − 10
Owó tó kù nígbà tí Sẹ̀tẹ́ńbà parí: ₦19 mílíọ̀nù

Ó yẹ kó o rí ojú wọn. Èrè ₦36 mílíọ̀nù, owó báǹkì sì fi ₦33 mílíọ̀nù wálẹ̀. Mi ò sáré kọjá ibẹ̀ o, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tá a lò lórí ìlà mẹ́jọ yẹn nínú wákàtí kan tí wọ́n fún mi, tó bá jẹ́ ojú ìwé yìí nìkan lo rí gbé kalẹ̀ kí iná tó lọ, wàá ti ṣe iṣẹ́ ẹ.

Ìlà ẹ̀rọ tó gbó, má pẹ́ níbẹ̀. Sọ fún wọn pé owó ẹ̀rọ ti jáde lọ́jọ́ tá a rà á, ohun tá à ń ṣe ni pé à ń pín in sórí àwọn ọdún tá a máa fi lò ó, torí ẹ̀ la ṣe dá ₦6 mílíọ̀nù yẹn padà. Tẹ́nì kan bá ṣì ń rún ojú, fi ọkọ̀ tó rà fún iṣẹ́ ṣàpẹẹrẹ fún un, kó o sì máa lọ.

Ìlà àgbàdo ni kó o sọ dáadáa, torí ó máa ń jọ àṣìṣe lójú wọn nígbà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àgbàdo tuntun máa ń pọ̀ lọ́jà wa láàárín Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà, iye ẹ̀ á rọlẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá gbọ́n á rà á pamọ́. ₦60 mílíọ̀nù yẹn ò sọnù, ó ti di àgbàdo ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó parí síbẹ̀, fún wọn ní ìbéèrè tí wọ́n lè bi ọ̀gá àgbà: ṣé àgbàdo yẹn gbẹ? Tí omi inú ẹ̀ bá ju nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó lè bu, èébu inú ẹ̀ sì lè di májèlé fún adìyẹ. Dókítà tó wà ní bọ́ọ̀dù wọn, tí ò sọ nǹkan kan fún ọdún méjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, òun ló ní kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n fi yẹ àgbàdo wò wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni yẹn kì í ṣe akáǹtàǹtì, ṣùgbọ́n ó ti dáàbò bo ₦60 mílíọ̀nù ju bí èmi ṣe lè ṣe lọ.

Ìlà tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni ti ₦40 mílíọ̀nù. Àmì tó wà níwájú ẹ̀ dára, wọ́n á rò pé ìròyìn ayọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé gbèsè ni. Sóyà la gbà lọ́wọ́ èèyàn tá ò tíì sanwó, Òkítóbà la sì dá fún wọn. Mo ní kí wọ́n fi ìka bo ìlà yẹn, kí wọ́n wá wo ohun tó kù: ₦19 mílíọ̀nù di àìní ₦21 mílíọ̀nù. Mo wá ní, owó oṣù àti dísẹ́lì àti ọkọ̀ ń gba ₦18 mílíọ̀nù lóṣù, torí náà owó tó wà ní báǹkì yìí lé díẹ̀ ní ti oṣù kan, onísóyà sì ń bọ̀ wá gba tiẹ̀. Lọ́yà ní "ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé a lè jèrè ká sì tilẹ̀kùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ó wá ku ìlà àwìn. Owó táwọn oníbàárà jẹ wọ́n gòkè láti ₦60 mílíọ̀nù dé ₦105 mílíọ̀nù. Èèyàn lè sọ pé kò burú, ọjà ti wọ́n, ó sì jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń san án bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tá a tú u wò, ₦41 mílíọ̀nù ti lé ní ọgọ́ta ọjọ́, oko adìyẹ mẹ́rin péré ló sì jẹ ẹ́, ọ̀kan nínú wọn nìkan jẹ ₦22 mílíọ̀nù. Mo kọ ìlà kan ṣoṣo sísàlẹ̀ ibẹ̀: gbogbo èrè kọ́tà yìí, ₦36 mílíọ̀nù, kò tó owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oko mẹ́rin yìí. Mi ò mẹ́nu ba ìwọ̀n ọjọ́ tí gbèsè ń lò ní ìpíndọ́gba, torí tó o bá ṣírò ẹ̀ ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ogún ọjọ́ ló máa bọ́ sí, gbogbo wọn á ní kò sí wàhálà. Ìpíndọ́gba ló ń bo oko mẹ́rin yẹn mọ́lẹ̀. Àwọn tó lọ ilé ìwé ìṣirò fẹ́ràn ìpíndọ́gba gan-an, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú bọ́ọ̀dù, wá ibi tí ewu kóra jọ sí, kó o fi ibẹ̀ hàn wọ́n.

Báyìí, kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń já wọn jù sílẹ̀. A ó ka nọ́ńbà tán, a ó ní "ìyẹn ni ìròyìn wa," wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á lọ jẹun. Kọ ìpinnu tó o fẹ́ síwájú wọn, kó o kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gbà á àti tí wọn ò bá gbà á. Lọ́dọ̀ àwọn tá à ń sọ yìí, ọ̀kan ni pé kí wọ́n má gbé fíìdì láwìn fún oko mẹ́rin yẹn mọ́ títí wọ́n á fi san ìdajì gbèsè wọn, a sì sọ gbangba pé ó lè mú kí àpò tá a máa tà ní Òkítóbà dín kù. Èkejì ni ọ̀rọ̀ pínpín owó, torí àwọn ọmọ olùdásílẹ̀ ti ń retí ẹ̀. Mi ò sọ fún wọn pé kò bójú mu. Mo ní tá a bá pín ₦10 mílíọ̀nù, ₦9 mílíọ̀nù ló kù ní báǹkì, ìyẹn ò ju ìdajì oṣù kan owó oṣù àti dísẹ́lì lọ. Àwọn fúnra wọn ló ní ká fi í sílẹ̀ di Dìsẹ́ńbà. Ẹ̀kẹta ni pé kí ọ̀gá àgbà lọ bẹ onísóyà pé kó gba owó ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìdajì Òkítóbà, ìdajì Nòfẹ́ńbà.

Ojú ìwé mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀: ọ̀kan fún àlàyé ṣókí àti ìpinnu tá à ń wá, ọ̀kan fún àpò, ọ̀kan fún owó báǹkì, ọ̀kan fún àwọn tó jẹ wá. Ìwé ìṣirò kíkún wà lẹ́yìn fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, má yọ ọ́ kúrò o, lọ́yà tìẹ lè fẹ́ wò ó, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Fún àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, tẹ̀ ẹ́ síwèé, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi, má fi lórí Wọ́ọ̀sáàpù nìkan, torí ẹni tó ń fi ìka fa nọ́ńbà lórí fóònù ò lè rí ìlà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kó o tó lọ, lọ rí alága, nǹkan bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ìròyìn tí ò dára kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gbangba ìpàdé ni alága ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àgbàlagbà ni, ó máa ń dun wọ́n. Lọ rí ìyálọ́jà náà pẹ̀lú. Sọ fún un pé ìbéèrè ẹ̀ lo fi kọ ìwé yìí, jẹ́ kó kà á lójú ẹ, kó o máa wo ibi tó bá ti dúró. Ibi tó bá ti padà sẹ́yìn lọ kà lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni kó o tún kọ. Má bi í pé "ṣé ó yé yín mà?" o, torí kò sí àgbà tó máa sọ pé kò yé òun, ohun tí mo máa ń sọ ni "mà, tí bàbá bá bi yín nílé pé kí la sọ lónìí, kí lẹ máa sọ?" Ohun tó bá fi dáhùn, ohun tó gbà délé nìyẹn.

Nínú ìpàdé náà, bí ọ̀rọ̀ ṣe yé wọn wà nínú irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹ́. Tí wọ́n bá ń béèrè nípa owó tíì àti bisikíìtì tí ọ́fíìsì ń rà, ohun tó tóbi ò tíì yé wọn, nǹkan kékeré yẹn nìkan ló tó ọwọ́ wọn. Tẹ́nì kan bá béèrè pé "oko tó jẹ ₦22 mílíọ̀nù yẹn, ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e fún un?" o ti débi tó o ń lọ. Tí wọ́n bá sì bi ẹ́ ní ohun tó ò mọ̀, má gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó, kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, sọ ọjọ́ tó o máa mú un wá. Wọ́kìn kápítà, ìbítídà, gbogbo ìyẹn, jẹ́ kó wà nínú ìwé ẹ̀yìn. Nígbà tó o bá sọ "owó tó há sọ́wọ́ àwọn èèyàn," kò sóhun tó sọnù nínú òtítọ́ ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń bà á jẹ́, tí mo rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ akáǹtàǹtì púpọ̀: wọ́n á yí ohun tí wọ́n ń fi díwọ̀n padà ní kọ́tà-kọ́tà. Kọ́tà yìí àpò, kọ́tà tó ń bọ̀ tọ́ọ̀nù, èyí tó tẹ̀ lé e pẹ́sẹ́ǹtì, tàbí wọ́n á ya àwòrán tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, ìyàtọ̀ kékeré á wá dà bí òkè. Ẹni tí kì í ṣe akáǹtàǹtì ń kọ́ nípa rírí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ìlà kan náà, níbì kan náà lójú ìwé. Kọ́tà àkọ́kọ́ ó máa gba ogún ìṣẹ́jú. Ní èkẹta, wọ́n á ti mọ ibi tí ojú wọn máa kọ́kọ́ sáré lọ, wọ́n á sì ti rí àṣìṣe ẹ kó o tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì ìpàdé, kọ àwọn ìpinnu yẹn sí ìwé kan, orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí, kó o fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ìyẹn lo máa fi ṣí ìpàdé tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá àwọn tá à ń sọ yìí ní Jánúárì 2025, ìlà àkọ́kọ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ ni ₦41 mílíọ̀nù yẹn: ₦26 mílíọ̀nù ti wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn oko mẹ́rin yẹn ti tilẹ̀kùn, a sì kọ ₦15 mílíọ̀nù tó kù sí àdánù nínú kọ́tà yẹn gan-an, lójú ìwé kan náà tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.